Kàlẹ́ńdà, bírò àti tẹmómítà: bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ ìparí nǹkan oṣù àti èyí tó ń fẹ́ àyẹ̀wò

Bí obìnrin ẹni ọdún 47 bá sọ lọ́jà Ìgbọ̀nà pé ara òun ń gbóná, kó tó sọ̀rọ̀ náà tán, ẹni méjì á ti ní ibà ni. Ọ̀kan á júwe àgbo fún un, èkejì á júwe kẹ́míìsì. Bó bá fi kún un pé òun kò rí nǹkan oṣù òun láti oṣù méjì, wọ́n á bi í bóyá oyún ni, àbí kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, kí wọ́n ní kó lọ wo ilé dáadáa. Agbẹ̀bí ni mí ní Òṣogbo yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tó sì máa ń dùn mí jù ni pé àwọn ìyá wa ń náwó lórí ohun tí kì í ṣe àìsàn, wọ́n sì ń fi èyí tó jẹ́ àìsàn gan-an sílẹ̀ torí pé wọ́n rò pé àgbà ló fà á.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń ní kí obìnrin tó bá ti lé ní ọdún 40 ní nínú yàrá rẹ̀: kàlẹ́ńdà, bírò, àti tẹmómítà. Bí ẹ ṣe máa lò wọ́n ni mo fẹ́ kọ síbí. Màá fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Aláró ni, àdìrẹ ló ń ṣe. Èmi àti ẹ̀ jọ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní ọdún 47 títí di ọdún 53, ó sì ní kí n sọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ òun.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ilé ẹyin obìnrin kì í dédé dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Á kọ́kọ́ máa ṣe ségesège fún ọdún mélòó kan. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ó máa ń dákẹ́ pátápátá láàárín ọdún 45 sí 55. Láàárín àkókò ségesège yìí, ẹyin lè jáde lóṣù yìí kó má jáde lóṣù tó ń bọ̀. Ẹsitirójìn, ìyẹn họ́mónù tí ilé ẹyin ń ṣe, á gòkè lónìí, á já wálẹ̀ lọ́la. Oṣù tí ẹyin kò bá jáde, họ́mónù kejì tó máa ń tọ́jú awọ inú ilé ọmọ kò ní sí tó. Awọ yẹn á kàn máa nípọn lọ ni. Ọjọ́ tó bá wá bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí obìnrin ṣe lè fo oṣù méjì kó sì wá fi ẹ̀jẹ̀ oṣù mẹ́ta san án.

Ní ti ooru, ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ bí ara ṣe gbóná sí, bí ẹni tó jókòó ti iná ìkòkò. Bí ẹsitirójìn bá ń já wálẹ̀, olùṣọ́ yìí á di ẹni tó ń tètè fòyà. Ooru díẹ̀ tí kò kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, á rò pé ilé ń jó. Á ṣí gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ ara sílẹ̀, á sì da òógùn bo ara kí ara lè tutù. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ooru á gba àyà gòkè sí ọrùn àti ojú, àyà á máa lù kìkì, òógùn á bo yín, kò sì ní ju ìṣẹ́jú kan sí márùn-ún lọ tí òtútù á fi máa mú yín. Ooru òjijì ni màá máa pè é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí kàlẹ́ńdà

Kàlẹ́ńdà tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ àsàláátù pín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti tó. Ẹ gbé e kọ́ síbi tí ẹ ti lè rí i lálẹ́ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì so bírò mọ́ ọn, torí bírò tí a kò so mọ́ ọn, àwọn ọmọ á gbé e lọ. Àmì mẹ́ta péré ni ẹ máa kọ. Ẹ kọ Ẹ sí ọjọ́ tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan lára páńtì, kí ẹ sì kọ iye páàdì tí ẹ lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ O fún ooru òjijì, pẹ̀lú iye ìgbà tó wá. Ẹ kọ B fún ọjọ́ tí ìbínú tàbí ìbànújẹ́ bá borí yín. Bí ooru bá jí yín lóru, ẹ fa ìlà sábẹ́ O náà.

Bí ẹ bá mu oògùn tàbí àgbo kankan, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gbọ́: hóró oògùn kan wà tí àwọn kẹ́míìsì máa ń tà fún obìnrin pé kí nǹkan oṣù rẹ̀ lè wá. Họ́mónù ni. Tí obìnrin bá lò ó tán, ẹ̀jẹ̀ á wá lóòótọ́, inú rẹ̀ á sì dùn pé nǹkan ti padà bọ̀ sípò. Oògùn ló mú ẹ̀jẹ̀ yẹn wá, ilé ẹyin kọ́. Gbogbo ohun tí kàlẹ́ńdà ìbá sọ fún yín ti dàrú nìyẹn. Bákan náà ni fún ẹni tó ń lo abẹ́rẹ́ tàbí tó fi ọ̀pá ìfètò-sọ́mọ-bíbí sápá: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè júwe ibi tí ara rẹ̀ dé, kó sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n jọ wò ó.

Bí a ṣe ń ka ọjọ́ rọrùn: láti ọjọ́ kìíní tí ẹ̀jẹ̀ wá, títí dé ọjọ́ kìíní tí òmíràn tún wá. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń kà á láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá, ìyẹn ló ń mú kí wọ́n rò pé ó yá jù.

Kàlẹ́ńdà ìyá aláró náà ní ọdún àkọ́kọ́ rèé. Ẹ̀jẹ̀ wá ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní. Ó tún wá ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, ọjọ́ 23 ló fi wà láàárín. Èyí tó tẹ̀ lé e dé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, lẹ́yìn ọjọ́ 45. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, ọjọ́ 27 péré. Lẹ́yìn ìyẹn kò rí nǹkan kan mọ́ títí di ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ọjọ́ 72 gbáko. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ara rẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ láàárín oṣù kan sí èkejì bá ti ń tó ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ilẹ̀kùn ìparí nǹkan oṣù ló ń ṣí yẹn. Bó bá wá di pé ẹ ń fo 60 ọjọ́, ẹ ti wọ inú ilé. Ségesège yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn fún ẹni ọdún 47.

Ohun kan ni mo ní kó ṣe lẹ́yìn 45 ọjọ́ yẹn, kó sì tún ṣe é nígbà tí 72 ń lọ: kó fi ìtọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹyin ṣì lè jáde lójijì, oyún ṣì lè dúró. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé ni pé ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró kó tó pé ọdún 50 kò gbọ́dọ̀ fi ìfètò-sọ́mọ-bíbí sílẹ̀ títí ọdún méjì á fi kọjá. Ẹni tó ti lé ní 50, ọdún kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi tẹmómítà dán ooru náà wò

Kí ìyá yìí tó wá bá mi, ó ti tọ́jú ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin láìṣe àyẹ̀wò kankan. Ó tilẹ̀ rò pé àrò tó ń dáná sí nídìí aró ló ń gbóná mọ́ òun lára. Ooru náà kò lọ, torí oògùn ibà kò ní nǹkan kan í bá a ṣe.

Tẹmómítà oníná kékeré tí a ń fi há abíyá ni kí ẹ rà. Nígbà tí ooru bá gùn yín, ẹ nu òógùn abíyá kúrò, ẹ fi sí i, ẹ pa apá mọ́ra títí á fi dún. Ooru òjijì kì í sọ ara di ibà. Ẹ lè máa rò pé iná ni yín, tẹmómítà á sì máa sọ 36.6 tàbí 36.9. Bí ó bá sọ 37.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má gbà pé ìparí nǹkan oṣù ni. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà kí ẹ tó gbé oògùn kankan mì.

Ìgbà kan péré kò tó o. Ibà a máa gòkè, a sì máa rọlẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní àsìkò tí ooru ń mú yín gan-an. Bí orí fífọ́, èébì tàbí gbígbọ̀n bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò náà ohunkóhun tí tẹmómítà ìbáà sọ.

Ọjọ́ méjì ni ìyá aláró fi wọ̀n ọ́n. Èyí tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ jẹ́ 37.0. Ooru náà ń wá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí méje lójúmọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti lọ. Kò ní ibà.

Àwọn ooru mìíràn wà tí tẹmómítà lè má mú, ìwà wọn la fi ń dá wọn mọ̀. Bí òógùn bá ń rin aṣọ ìbùsùn gbingbin lóru, tí ikọ́ sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí tí ara ń rù, àyẹ̀wò ikọ́ ìfe ni kí ẹ lọ ṣe. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí ooru náà kò bá wá kó sì lọ, tó jẹ́ pé láti àárọ̀ di alẹ́ ni ara kò gba ooru, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ẹ ń jẹun dáadáa síbẹ̀ tí ẹ ń rù, tí àyà ń lù ju ẹ̀ẹ̀ 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ẹṣẹ́ ọrùn, èyí tó ń wú tí a ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Kò dìgbà tí ọrùn bá wú kí ẹṣẹ́ náà tó dàrú.

Èyí tí n kò fẹ́ kí ẹ ronú lé lórí rárá ni òógùn tó wá pẹ̀lú àyà tó ń fún mọ́ra bí ẹni gbé òkúta lé e, tàbí èémí tó kúrú, tàbí ìrora tó ń gba apá tàbí àgbọ̀n lọ. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni ìyẹn lè jẹ́. Ẹ pe ẹni tó ní mọ́tò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ẹ̀jẹ̀ náà, kì í ṣe ọjọ́ nìkan

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ọjọ́ tó ń yí kò bà mí lẹ́rù. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti ìgbà tó yọjú ni mo ń wò.

Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ 21 oṣù kẹfà yẹn, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ó kọ páàdì 9, 11, 10, 8 sórí kàlẹ́ńdà, ó sì ń rí ẹ̀jẹ̀ dídì tó tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló pè mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Màámi ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, wọ́n ní àgbà ló ń fà á." Ọmọ ọdún 47 kì í ṣe arúgbó. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tán lára rẹ̀.

A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 28 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé ó kéré tán 36 ló yẹ obìnrin. Wọ́n ya skáànù fún un, wọ́n rí ìju kékeré méjì nínú ilé ọmọ, èyí táwọn dókítà ń pè ní fáíbírọ́ìdì. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù nígbà nǹkan oṣù, àti hóró oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, pé kó máa fi omi ọsàn mu ún, kó má fi tíì mu ún, torí tíì kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Ìju sábà máa ń sún kì bí nǹkan oṣù bá ti parí, nítorí náà wọn kò ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ní tiyín, àwọn ohun tó yẹ kó gbé yín lọ ṣàyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nìyí: ẹ̀jẹ̀ tó ń lé ní ọjọ́ méje, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà wá kí ọjọ́ 21 tó pé, lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ tó ń kán láàárín nǹkan oṣù kan sí òmíràn, ẹ̀jẹ̀ tó ń wá lẹ́yìn tí ẹ bá bá ọkọ yín lò pọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtìjú pa á mọ́. Ọrùn ilé ọmọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, torí jẹjẹrẹ ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ báyẹn.

Bí páàdì bá ń kún fọ́fọ́ láàárín wákàtí kan, tí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì léra, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, tí ojú yín ń ṣú, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ lọ, bó ṣe òru.

Ọjọ́ orí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá dúró kí obìnrin tó pé 40, ẹ má sọ pé ó yá ni. Ó ń fẹ́ àyẹ̀wò họ́mónù, ó sì lè ní láti lo oògùn torí egungun àti ọkàn rẹ̀. Láàárín 40 sí 45 náà, ẹ lọ sọ fún dókítà. Ẹni tó ti lé ní 45 tí àmì rẹ̀ sì jẹ́ bí mo ṣe júwe rẹ̀, kò sábà nílò àyẹ̀wò họ́mónù. Họ́mónù yẹn ń lọ sókè sódò lójoojúmọ́, èsì tòní kò ní bá tọ̀la mu. Owó yẹn dára ju láti fi yẹ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìbínú àti ìbànújẹ́, ẹ kà á mọ́ oorun

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo ní kí ìyá aláró gbé kàlẹ́ńdà wá. Àmì B mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Nígbà tí a wò ó dáadáa, mẹ́sàn-án nínú wọn bọ́ sí ọjọ́ kejì òru tí O onílà pọ̀. Ooru ń jí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ kò ní okun kankan lára mọ́, ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣi aró pò lọ́jọ́ náà á gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ń sọ fáwọn ẹbí pé ìyàwó òun ti yí padà. Ìgbà tí a fi kàlẹ́ńdà hàn án, ó dákẹ́, ó wá ní, "Àìsùn ni gbogbo èyí?" Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sùn sórí ibùsùn kejì, kí fáńkù lè kọjú sí ìyàwó rẹ̀ nìkan.

Tí àmì B yín bá ń tẹ̀ lé òru burúkú, òru ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ fi aṣọ òwú sùn, kì í ṣe aṣọ tó ń dán. Ẹ gbé omi tútù àti tówẹ́ẹ̀lì rírin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún ìgbà tí iná kò bá sí. Ẹ wo ohun tó ń fa ooru náà lára kàlẹ́ńdà: ti ẹlòmíràn ni ata púpọ̀ lálẹ́, ti ẹlòmíràn ni ọtí tàbí kọfí. Ti ìyá yìí ni àmàlà tó ń jóná lọ́wọ́ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ sí agogo mẹ́fà, ó sì ń jẹ́ kó rọwọ́ kó tó jẹ ẹ́. Ìdáná aró ló gbé sí àárọ̀ kùtù. Ooru náà kò tán, ṣùgbọ́n ti òru dín kù láti márùn-ún sí méjì.

Bí àmì B bá wà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹ sùn bí ẹ kò sùn, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́, tí oúnjẹ kò wù yín, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nìyẹn. Àìsàn ni, oògùn rẹ̀ sì wà. Bí ó bá dé orí pé ẹ ń rò pé ó sàn kí ẹ kú, ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì dá wà títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọmọ tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá yín, ẹ má ní ó ń ṣàwàdà. Ẹ má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti ní kó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nígbà tí ẹ bá ti ka oṣù 12

Ìyá aláró rí ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn nígbà tó di 51. Mo ní kó fi bírò pupa yí ọjọ́ yẹn ká. Títí oṣù 12 á fi pé láìsí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, a kò tíì lè sọ pé ó parí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ní oṣù kẹwàá, a tún kà á láti oókan. Oṣù 12 tirẹ̀ pé, ó sì ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Oṣù kẹtàdínlógún ló rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ, ọjọ́ méjì péré, kò tó páàdì kan. Aládùúgbò rẹ̀ kan ní, "Ẹ kú oríire o, ẹ ti tún padà di ọmọge." Ní ìlú Ọ̀ṣun, níbi tí a ti ń fi omi tọrọ ọmọ, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dùn gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù tó ti parí kì í padà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá wá lẹ́yìn oṣù 12, ìbáà jẹ́ ẹ̀kán kan, ìbáà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi ìfọṣọ, ìbáà má dunni rárá, àyẹ̀wò ló ń fẹ́, ẹ má sì dúró kó wá lẹ́ẹ̀kejì. Nínú obìnrin mẹ́wàá tó bá rí irú rẹ̀, bí ẹnì kan ló ń jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù jẹ́ awọ tó fẹ́lẹ́ tó sì gbẹ. Kò sí ẹni tó lè fojú wo páńtì kó mọ èwo nínú wọn ni. Jẹjẹrẹ yìí tí ẹ̀jẹ̀ bá tètè tú àṣírí rẹ̀, iṣẹ́ abẹ sábà máa ń ká a kúrò pátápátá.

Ní Òṣogbo, ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò yín lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kó sì kọ̀wé fún yín. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù 12, ibi tí dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin wà ni kí ẹ kọjú sí: ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Asúbíaró, tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà dání, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan. Dókítà á fi irin wo ọrùn ilé ọmọ. Lẹ́yìn náà ni skáànù, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe láti ojú ara, torí ó ń rí awọ inú ilé ọmọ ju ti orí ikùn lọ. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni awọ inú ilé ọmọ mi ṣe nípọn tó?" Bí ó bá jẹ́ mílímítà mẹ́rin tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mú ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni, inú á fún bí ìgbà nǹkan oṣù.

Ẹ má ṣe fi skáànù tó dára nìkan lọ sílé bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ń wá. Ìju pọ̀ lára àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó sì lè dí skáànù lójú débi tí kò ní rí awọ náà bó ṣe yẹ. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀jẹ̀ náà kò dá, kí wọ́n mú ẹran náà lọ yẹ̀ wò bó ti wù kí awọ náà fẹ́lẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ kan lórí oògùn họ́mónù fún ooru òjijì, torí ẹ máa bi wọ́n léèrè. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, òun ló sì lágbára jù fún ooru náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ wà lára kò gbọ́dọ̀ lo ẹsitirójìn nìkan. Họ́mónù kejì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ awọ ilé ọmọ á máa nípọn títí tó fi lè di jẹjẹrẹ. Kì í sì í ṣe fún ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí iṣan rẹ̀ rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń wá lára rẹ̀ tí a kò tíì mọ ìdí. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí a ń rà lórí káńtà. Oògùn mìíràn tí kì í ṣe họ́mónù wà fún ẹni tí kò lè lo ó, dókítà ló máa yàn án.

Awọ inú ilé ọmọ ìyá aláró nípọn tó mílímítà 11. Wọ́n mú ẹran níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a fi retí èsì gùn lára gbogbo wa. Nígbà tó dé, wọ́n ní awọ náà ti hù ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì di jẹjẹrẹ, kò sì tíì ní èyí tó burú nínú. Wọ́n fún un ní họ́mónù kejì yẹn láti lò fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tún mú ẹran wò lẹ́yìn rẹ̀. Ó lò ó pé. Èsì kejì mọ́. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mìíràn kí wọ́n lè rí i pé ó mọ́ lẹ́ẹ̀mejì léra. Ọjọ́ náà ti wà lórí kàlẹ́ńdà rẹ̀, ó fi bírò pupa yí i ká, bírò náà ṣì so mọ́ ìṣó lára ògiri.